Àwòrán Kan, Gbólóhùn Kan: Bí A Ṣe Tún Síláìdì Jẹnotáìpù Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ ó kan àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. Ó dá lórí síláìdì kan ṣoṣo, ìyẹn ojú ìwé kan nínú àwọn tí purojẹ́kítọ̀ máa ń tàn sára ògiri tàbí sára aṣọ funfun nígbà tí ẹnì kan bá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ilé wa ń múra ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí jẹnotáìpù. Ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ ìlera fún wa ní síláìdì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àkọlé tó wà lókè rẹ̀ ni «Jẹnotáìpù àti àrùn fòníkú-fọ̀ládìde». Lábẹ́ àkọlé yìí, ìlà mẹ́sàn-án tò wálẹ̀, àmì róbótó dúdú sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

• Jẹnotáìpù ni irú himoglobíìnì tí a jogún
• Irú tó wà: AA, AS, AC, SS, SC
• AS kì í ṣe àìsàn
• Àmì SS: ìrora egungun, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, àìtó ẹ̀jẹ̀
• AS + AS = 25% AA, 50% AS, 25% SS
• AS + SS = 50% AS, 50% SS
• Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS
• Ṣe àyẹ̀wò kí o tó ṣègbéyàwó
• Ìtọ́jú: fólíìkì ásíìdì, omi púpọ̀, oògùn ibà

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ka ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án lọ́kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ni gbogbo wọn. Àmọ́ mo ti jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́pọ̀ ìgbà tí irú síláìdì báyìí wà lójú ògiri, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ dé ìlà kejì, àwọn tó mọ̀wé kà ti kà dé ìkẹsàn-án. Àwọn tí kò mọ̀wé kà ń wo ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù sókè, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọn ò sì ní wò ó mọ́ láéláé. Ẹ wá bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìpàdé pé kí ni wọ́n gbọ́. Wọ́n á ní, «Wọ́n ní ká lọ ṣe jẹnotáìpù.» Ó parí.

Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀. Bí ènìyàn bá ń kàwé, ohùn kan ń sọ̀rọ̀ nínú orí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá tún ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ lákòókò kan náà, ohùn ti di méjì, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ méjèèjì yé. Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Santa Bárbárà, ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò hàn pé àwòrán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yé ènìyàn ju kí a tún kọ ọ̀rọ̀ ẹnu náà sára àwòrán lọ. Ojú àti etí lè jọ ṣiṣẹ́ bí ohun tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bá yàtọ̀: kí ojú máa wo àwòrán, kí etí máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ la fún méjèèjì, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Síláìdì yìí tún ní àléébù kan tó fara pamọ́, tí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ náà rí nìkan lè tètè rí. «Kan nínú mẹ́rin» wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìlà keje ní ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ìlà karùn-ún, tó sọ̀rọ̀ nípa 25%, ní bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ewu kan nínú mẹ́rin ló wà pé oyún lè jẹ́ SS. Èkíní ń ka àwọn ará ìlú, èkejì ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú oyún kan. Nígbà tí méjèèjì bá jókòó sójú ibì kan, wọ́n á dàrú mọ́ra wọn. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ pé kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ní àrùn náà, tó sì ní ojú síláìdì lòun ti rí i.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, a jókòó bi ara wa pé: àwọn wo ló máa wà níbẹ̀, kí sì ni a fẹ́ kí wọ́n mú lọ sílé? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra wọn ni. Àwọn ìyá àti bàbá tó ti bímọ náà yóò wà níbẹ̀, nítorí kò sí ìpàdé ilé wa tí àwọn àgbà kì í sí. Mo rántí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò. Ìyá kan wà tí òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ AS. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti bí, ara gbogbo wọn sì le. Oyún kẹrin wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò lè jẹun, torí pé wọ́n ní kan nínú mẹ́rin, òun sì ti bí mẹ́ta. Ìyá mìíràn wà tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ SS. Òun rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní, «Àwa ti san tiwa. Ọmọ mẹ́ta tó kù, wọ́n dá wa lójú.»

Ohun kan náà ni kò yé àwọn méjèèjì. Wọ́n rò pé ńṣe ni wọ́n ń pín kan nínú mẹ́rin láàárín àwọn ọmọ, bí ìgbà tí a bá pín iṣu mẹ́rin tí ọ̀kan jẹ rà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti gba èyí tó rà, dídára ló kù fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu náà ti ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, láìka ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bà mí lẹ́rù jù, torí pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ní kò ní ìdí. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni àwọn ará ilé wa máa mú lọ, èyí ló yẹ kó jẹ́.

Gbólóhùn la kọ́kọ́ kọ, kí a tó wá àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá àwòrán tó dára, wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sí i. Àwòrán ló máa darí irú wọn. Michael Alley, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsilifáníà lórí bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe lè sọ̀rọ̀ kó yéni, máa ń ní kí a fi gbólóhùn tó pé rọ́pò àkọlé: gbólóhùn tó sọ nǹkan kan ní pàtó, tí kò kọjá ìlà méjì, kí àwòrán abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí ohun tí gbólóhùn náà sọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń pè é. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ni «Àyẹ̀wò jẹnotáìpù ṣe pàtàkì». A yọ ọ́ kúrò, torí pé kò sí ẹni tó máa jiyàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí nǹkan tuntun kọ́ nínú rẹ̀. Ó tún kọ «AS àti AS kò gbọ́dọ̀ fẹ́ra». Èyí lágbára, àmọ́ ìdájọ́ ni. Àwọn tọkọtaya tó ti jọ wà fún ogún ọdún máa jókòó síbẹ̀, létí wọn, èébú àti èpè ló máa jẹ́. Wọn ò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ ìdí. Ìkẹta ni a fọwọ́ sí:

«Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, gbogbo oyún tuntun ló ní ewu SS kan nínú mẹ́rin.»

Ọ̀rọ̀ tó ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀ ni «gbogbo oyún tuntun». Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sọ pé «ọmọ kan nínú mẹ́rin máa jẹ́ SS», àṣìyé àwọn ìyá méjì yẹn ti padà wọlé. Bí a ṣe ń yẹ gbólóhùn wò nìyí: ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ yí padà. Èyí tí kò bá yí nǹkan kan padà, kó máa lọ.

Ó wá kan àwòrán. Àbúrò mi rí ọ̀kan tó wọ́pọ̀: bàbá àti ìyá wà lókè, ọmọ mẹ́rin tò sísàlẹ̀, ọ̀kan funfun, méjì aláwọ̀ méjì, ọ̀kan pupa. Ọ̀pọ̀ ìwé ló lo irú rẹ̀. Kí a tó gbà á, mo gbé e fún ìyá àgbà kan nínú ilé, tí kò lọ sílé ìwé, mo ní, «Ìyá, ẹ bá mi wo eléyìí, kí lẹ rí?» Ó wò ó títí, ó ní, «Tọkọtaya kan rèé. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin. Èyí àbígbẹ̀yìn ni ara rẹ̀ ò dá.» Ẹ ò rí nǹkan! Àṣìyé tí a fẹ́ lé lọ gan-an ni àwòrán náà ń kọ́ni. Ẹni tó yà á fẹ́ fi ọ̀nà mẹ́rin tí oyún kan lè gbà hàn, àmọ́ ọmọ mẹ́rin ni ojú rí, nítorí pé ojú kì í wo ohun tó wà lọ́kàn ayàwòrán. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

A tún àwòrán náà ronú. Bó bá jẹ́ oyún kan là ń sọ, oyún kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. A ya aboyún kan ṣoṣo tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. A sọ ikùn rẹ̀ di róbótó ńlá, a sì pín róbótó náà sí mẹ́rin lọ́gbọọgba, bí ìgbà tí a bá gé ọsàn sí mẹ́rin. A fi apá kan sílẹ̀ ní funfun, a kọ AA sí i. A fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kun apá méjì, a kọ AS sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A kun apá kan ní pupa, a kọ SS sí i. Orí pépà la ti yà á pẹ̀lú máákà, a fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó sì bọ́ sórí síláìdì. Nígbà tí mo tún gbé e fún ìyá àgbà, ó ní, «Obìnrin kan lóyún, wọn ò tíì mọ èyí tó máa jẹ́.» Mo ní ẹ ṣeun, Ìyá, ó ti tán.

Ìdí wà tí a fi fi ìlà kun apá AS, tí a ò lo àwọ̀ ewé. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ni purojẹ́kítọ̀ tí a bá tàn lọ́sàn-án gangan máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣá. Ìlà àti lẹ́tà kì í ṣá bẹ́ẹ̀. A tún yẹra fún àwòrán méjì tí wọ́n fi lọ̀ wá. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Ó lẹ́wà, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa oyún. Èkejì jẹ́ ti ọmọ kan tó ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. A ní ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú àrùn yìí nínú ilé wa. Ṣé ó yẹ kó jókòó sáàárín wa kó máa wo ara rẹ̀ lójú ògiri bí ohun ẹ̀rù?

Ìlà mẹ́sàn-án yẹn ńkọ́? A ò dà wọ́n nù. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìlà karùn-ún ló di àwòrán àti gbólóhùn. Ìlà kẹta àti ìkẹjọ di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹsàn-án lọ sórí ìwé pélébé kan tí a tẹ̀ tí a sì pín ní ìparí ìpàdé, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà máa kà á nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ìlà kẹfà, ìyẹn AS pẹ̀lú SS, ní síláìdì tirẹ̀: aboyún kan náà, àmọ́ róbótó rẹ̀ pín sí méjì, ìdajì onílà, ìdajì pupa. Ìlà keje, èyí tó ń ka àwọn ará Nàìjíríà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láìsí síláìdì kankan lójú ògiri, kó lè jìnnà sí kan nínú mẹ́rin kejì. Ẹ rí i pé síláìdì kan ti di méjì. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kì í ṣe iye síláìdì ló ń rẹ àwọn ènìyàn bí kò ṣe ohun tí a bá dì sínú ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù. Mẹ́ta péré ni mo mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí mo máa nawọ́ sí lára àwòrán.

Èkíní ni ibi tí apá mẹ́rin ti wá. Mo ní: «Ẹni tó jẹ́ AS ní nǹkan méjì lọ́wọ́, A kan, S kan. Ara òun fúnra rẹ̀ le, AS kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ tó bá di ọmọ bíbí, ọ̀kan ṣoṣo ló máa fún ọmọ. Bàbá lè fún un ní A tàbí S, ìyá lè fún un ní A tàbí S. Bí bàbá bá fún un ní A, tí ìyá fún un ní A, ibi funfun rèé. Bí ọ̀kan bá fún un ní A, tí èkejì fún un ní S, ibi onílà rèé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ méjì, torí pé ó lè jẹ́ bàbá ló fún un ní S, ó sì lè jẹ́ ìyá. Bí àwọn méjèèjì bá fún un ní S, ibi pupa rèé.» Mo ń nawọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Èkejì ni pé oyún kì í rántí. Mo ní: «Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta lúdò, bí dáìsì bá já sí mẹ́fà nísinsìnyí, ṣé ó mọ̀ pé mẹ́fà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí? Tẹ́ ẹ bá tún jù ú, mẹ́fà náà tún lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni oyún. Oyún kẹrin kò mọ ohun tí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́.» Dáìsì lúdò ni mo lò, n kò lo obì tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ní tiwa, ìyẹn kì í ṣubú lásán, bí mo bá sì fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣubú lásán, àríyànjiyàn mìíràn ni mo dá sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a máa ṣe. Kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹbí, kí wọ́n tún un ṣe ní ibòmíràn tó ṣeé gbára lé bí ìdáhùn bá máa yí ìpinnu padà. Kí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́ sọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣì lè wà lára rẹ̀, kó sì mú kí ìdáhùn jẹ́ irọ́. Ó dára kó dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí ẹni tó ti fẹ́ AS, tí òun náà sì jẹ́ AS, má ṣe sá fún wa. Kó lọ bá dókítà kí oyún tó dé, torí pé àyẹ̀wò wà tí wọ́n lè ṣe fún oyún láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá.

Mo kọ kókó mẹ́ta yìí sínú àyè tí PowerPoint ń pè ní `Notes` lábẹ́ síláìdì. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, mo kàn kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: «A tàbí S», «lúdò», «àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì». Bí a bá tan `Presenter View`, èmi nìkan ló máa rí i lójú láptọ́ọ̀pù, àwòrán nìkan ni àwọn ènìyàn máa rí lára ògiri. Bí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ dà bí àṣírí láàárín wa, mo lè tẹ lẹ́tà `B` kí ògiri ṣókùnkùn, kí ojú gbogbo wá sọ́dọ̀ mi. Ìwọ̀n lẹ́tà gbólóhùn wa jẹ́ 44. Ti síláìdì àkọ́kọ́ jẹ́ 20, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò sì lè kà á.

Mo tún fi ìṣirò kan pamọ́ sọ́kàn fún ẹni tó bá jiyàn, n kò gbé e sójú ògiri. Ẹ mú tọkọtaya 64, tí tọkùnrin tobìnrin wọn jẹ́ AS. Lẹ́yìn oyún kìíní, a lè retí pé 48 nínú wọn kò ní tíì rí SS. Lẹ́yìn oyún kejì, 36 ló kù. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, 27. Ìyẹn ni pé tọkọtaya AS púpọ̀ lè bí ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le, kó má sì jẹ́ pé àyẹ̀wò wọn parọ́. Tí àwọn 27 yẹn bá tún lóyún, ewu kan nínú mẹ́rin ṣì ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun àti ìyàwó òun bí mẹ́ta láìsí nǹkan, nítorí náà irọ́ ni jẹnotáìpù, ni mo ṣe ìṣirò yìí fún, lórí pátákó, ó sì dákẹ́.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó yé wọn kì í ṣe nípa àtẹ́wọ́. Nígbà tí mo parí, mo ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sọ ọ́ fún wa bí ẹni tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀, nígbà tí ògiri ti ṣókùnkùn. Ó ní, «Tí àwa méjèèjì bá jẹ́ AS, ìgbà yòówù tí mo bá lóyún, ó lè jẹ́ SS, ká tiẹ̀ ti bí mẹ́wàá.» Gbólóhùn wa nìyẹn lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ohun tó há sórí. Bó bá jẹ́ pé «ẹ lọ ṣe jẹnotáìpù» nìkan ló sọ, mo máa mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. Bàbá kan tún béèrè bóyá àwọn tí a ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́ nìyẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ SS, àmọ́ ọ̀rọ̀ àbíkú fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí síláìdì tó yẹ kó dáhùn irú ìbéèrè yẹn. Ẹnu ni.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Bí wọ́n bá fi síláìdì náà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù sí ẹni tí kò wá, gbólóhùn á yé e, àmọ́ kókó mẹ́ta yẹn ti sọ nù. Ìwé pélébé ló yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí kò gbọ́ràn bá wà láàárín wa, kí ẹnì kan fún un ní kókó náà ní kíkọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì ibi àyẹ̀wò, iye owó àti ìwọ̀n oògùn kò ṣeé yà. Orí ìwé ni kí wọ́n wà. Èyí tó tóbi jù ni pé ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ dáadáa kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn àwòrán. Ìlà mẹ́sàn-án lè bo olùkọ́ tí kò mura sílẹ̀, torí pé á kàn máa kà á ni. Pẹ̀lú aboyún kan àti gbólóhùn kan, bí kò bá ní ohun tó máa sọ, gbogbo wa la máa mọ̀.

Ìwé pélébé náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé fún ẹni tí kò rí gbà. Àwọn tó ń fẹ́ra wọn lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ọjọ́ ìdáná tó dé. Ire ọmọ kò ní fò wá dá. Àṣẹ.